Áífíì ìdána mi dà bí ọjà Wúsè, ẹ bá mi tún ohun tí mo tẹ̀ fún ẹ̀rọ kọ

Ìyàwó Kúbwà:

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí o. Ìdána wa ku ọ̀sẹ̀ méje, hóòlù wà ní Gwarínpa, kọ́lọ̀ wa ni wáìnì àti krímù, aṣọ òkè la máa wọ̀ látòkè délẹ̀. Mo ní kí ẹ̀rọ AI tó ń fi ọ̀rọ̀ téèyàn bá tẹ̀ ya àwòrán bá mi ya ohun tí a máa fi síwájú áífíì, mo fẹ́ kó rọra rẹwà ni, àmọ́ gbogbo èyí tó ń yà dà bí ọjà Wúsè nígbà tó ku ọ̀la ọdún. Ohun tí mo tẹ̀ rèé. Kí ni mo ṣe tí kò dáa?

```
beautiful African wedding invitation, bride and groom,
both parents, talking drum, Zuma Rock, horses, palace,
white doves, gold rings, red roses, balloons, sunset,
champagne, luxury, royal, 8k, hyperrealistic, watercolor,
with our names and date written in gold, no crowd
```

---

Ọmọ Kàdúná:

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ẹṣin, ààfin, ẹyẹlé, fèrè aláfẹ́fẹ́. Ìdána ni àbí ọjọ́ tí wọ́n ń fi ọba jẹ? 😂

---

Bọ̀dá Dísáínà:

Ẹ má fi ọmọ ọlọ́mọ rẹ́rìn-ín, bí gbogbo èèyàn ṣe ń tẹ̀ ẹ́ nìyẹn.

Àbúrò, mo ka àwọn nǹkan tí o dárúkọ, mẹ́tàlá ni, mi ò tíì ka orúkọ yín àti déètì mọ́ ọn. Káàdì tí ẹ máa tẹ̀ ò ju íǹsì márùn-ún sí méje lọ. Tí nǹkan mẹ́tàlá bá jókòó síbẹ̀, níbo ni orúkọ ẹ fẹ́ dúró sí?

Ìyẹn gan-an kọ́ ni mo fẹ́ kí o mọ̀ o. Ohun tó ń dà á rú ni pé nǹkan tí o bá dárúkọ fún ẹ̀rọ yìí kì í dá wá, ó máa ń kó mọ̀lẹ́bí ẹ̀ lẹ́yìn. Inú àwòrán táwọn èèyàn ti kọ nǹkan sí nídìí ló ti kọ́ṣẹ́, àwòrán tí wọ́n sì kọ ọtí ṣáḿpéènì sí nídìí, gíláàsì máa wà níbẹ̀, tábìlì máa wà níbẹ̀, iná wínníwínní máa wà lẹ́yìn. Ìwọ pe ọtí nìkan, òun gbé gbogbo páátì wá. Ààfin tí o pè ló kó àwọn òpó funfun yẹn wá. Oòrùn àṣálẹ́ tí o pè ló kun gbogbo ojú ìwé ní àwọ̀ ọsàn, mo sì fẹ́ fi nǹkan búra pé wáìnì yín ti di búráùn nínú àwọn èyí tó yà fún ẹ, àbí irọ́ ni mo pa?

Rósì àti ẹyẹlé ńkọ́? Inú ìgbéyàwó àwọn aláwọ̀ funfun ni wọ́n ti wá. Nígbà tí o ti pe méjèèjì, mi ò ní yà lẹ́nu tó bá wọ ìyàwó ní gáùn funfun.

---

Ìyàwó Kúbwà:

Yéè! Bọ̀dá, ó wọ̀ ọ́ ní gáùn lóòótọ́, ó wá fi gèlè lé e lórí. Búráùn yẹn náà, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Èrò náà pọ̀ lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ mo sọ fún un pé mi ò fẹ́ èrò.

---

Bọ̀dá Dísáínà:

O sọ fún un lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ "crowd" ló rí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ yìí ò fi bẹ́ẹ̀ ka "no" tó wà níwájú ẹ̀ sí. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn sọ fún ẹ pé má ronú nípa mọ́ínmọ́ín. Tó bá jẹ́ Midjourney lo ń lò, ó ní ibi tí wọ́n ń tẹ irú ẹ̀ sí, wàá kọ `--no crowd` sí ìparí. Stable Diffusion náà ní àpótí tiẹ̀ lọ́tọ̀ fún ohun tí èèyàn ò fẹ́. Èyí tí kò bá ní, má dárúkọ nǹkan náà rárá, sọ ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ dípò ẹ̀. O ò fẹ́ èrò, sọ pé ojú ìwé náà ṣófo.

Ọ̀rọ̀ mẹ́rin yẹn, "luxury, royal, 8k, hyperrealistic", yọ wọ́n dànù lónìí kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọn kì í ṣe nǹkan tí ojú lè rí, ńṣe ni wọ́n ń ní kí ẹ̀rọ máa dán nǹkan, kó máa fi wúrà di gbogbo kọ̀rọ̀. Ìkan tiẹ̀ ń sọ pé kó dà bí fọ́tò, "watercolor" sì ń sọ pé kó dà bí ohun tí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì kùn. Ta ni kó gbọ́ tiẹ̀?

---

Sọ̀rọ̀sókè Nyanya:

Ẹ̀gbọ́n, mi ò fara mọ́ ọn o. Èmi máa ń tẹ ọ̀rọ̀ tó kún ojú fóònù mi, ó sì ń ṣe ohun tí mo bá ní kó ṣe. Àwọn ẹ̀rọ tó wà níta báyìí ń ka gbogbo ẹ̀, bí èèyàn bá ṣe ṣàlàyé tó ló ṣe ń dáa tó. Ìṣòro arábìnrin yìí ni pé kò ṣàlàyé tó, ó kàn to nǹkan jọ. Ó yẹ kó sọ ibi tí ẹṣin máa dúró, ibi tí àwọn òbí máa jókòó, ẹni tó máa di ìlù mú, gbogbo ẹ̀ kúlẹ̀kúlẹ̀.

---

Bọ̀dá Dísáínà:

Ìdajì ọ̀rọ̀ ẹ pé. Àwọn tó ti pẹ́ ni kì í ka gígùn. Stable Diffusion tó jáde ní 2022, ègé ọ̀rọ̀ tó lè kà lẹ́ẹ̀kan ò ju 77 lọ, béèyàn bá tẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ ìrù ẹ̀ máa já sẹ́yìn àfi tí wọ́n bá dọ́gbọ́n sí i. Àwọn tuntun ń kà á lóòótọ́. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà, torí pé tó bá gbọ́rọ̀ sí ẹ lẹ́nu tán, gbogbo nǹkan mẹ́tàlá ló máa gbé síbẹ̀ láìku ìkan. Wàá wá rí ẹṣin tó dúró síbi tó yẹ, òbí tó jókòó síbi tó yẹ, ọjà Wúsè tí wọ́n ti tò dáadáa.

Èmi ò ní kó má gùn. Mo ní kó jẹ́ nǹkan kan ṣoṣo ló máa sọ̀rọ̀ lé lórí. Gbólóhùn mẹ́rin lórí aṣọ kan yàtọ̀ sí gbólóhùn kan lórí nǹkan mẹ́tàlá.

---

Alága Ìdúró Jàbì:

Ẹ kú ìmúra o, ìyàwó wa. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Pẹ̀lú ọpẹ́ sí Ọlọ́run Olódùmarè, ìdílé báyìí-báyìí àti ìdílé báyìí-báyìí ń fi tayọ̀tayọ̀ pè yín síbi ìdána àwọn ọmọ wọn." Ẹ má gbàgbé orúkọ bàbá kó ṣáájú o, ìjà máa ń tibẹ̀ wá. Tí ẹ ò bá tíì rí alága, mo wà.

---

Ìyàwó Kúbwà:

Ẹ ṣé mà, àwòrán là ń sọ o, ṣùgbọ́n mo ti kọ èyí náà sílẹ̀.

---

Ọmọ Kàdúná:

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi náà. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ọmọ Kánò lọ́dún tó kọjá, èmi ni wọ́n ní kí n bá wọn ṣe áífíì. Mo tẹ "northern Nigeria wedding". Ràkúnmí ló yà fún mi! Ràkúnmí mẹ́ta nínú aṣálẹ̀, iyanrìn rẹpẹtẹ, Kánò tó jẹ́ pé góòsílóò ló wà níbẹ̀ wàà. Bí mo ṣe fi han àwọn àna wa, ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan.

---

Bọ̀dá Dísáínà:

😂😂 Ràkúnmí! Òun gan-an ni "African" tó wà nínú ti ìyàwó wa náà ń ṣe, igi kan á dúró nínú pápá, oòrùn á ń wọ̀ lẹ́yìn ẹ̀, kẹ́ńtè àwọn ará Gánà á wà lọ́rùn ọkọ. Orúkọ ilẹ̀ gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ bẹ́ẹ̀ ò ya nǹkan. Tí mo bá fẹ́ aṣọ òkè, mi ò kì í gbẹ́kẹ̀ lé orúkọ ẹ̀ nìkan torí nígbà mìíràn ańkárá ló máa gbé wá. Mo máa ń sọ bó ṣe rí lójú ni: aṣọ tí wọ́n fọwọ́ hun, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ní ìlà wẹ́wẹ́ gígùn.

Ìyàwó Kúbwà, ó yá. Nínú gbogbo ohun tí o tò, èwo ló jẹ́ tiyín gan-an? Èyí tó jẹ́ pé tí wọ́n bá gbé e sórí áífíì ẹlòmíì kò ní bá a mu.

---

Ìyàwó Kúbwà:

Mo rò pé Zuma Rock ni, torí Àbújá la ti pàdé.

---

Bọ̀dá Dísáínà:

Zuma ò sí ní Gwarínpa, ọ̀nà Kàdúná ló wà, lápá Mádálà ní ìpínlẹ̀ Niger. Ẹni tó rí i lórí áífíì lè máa múra ìrìn àjò. Owó náírà 100 náà ti gbé e kiri fọ́dún gbọọrọ, gbogbo ayé ló ni ín. Àti pé àpáta ò ní dá wá, ó máa kó ojú ọ̀run, koríko àti títì wá. Tún wò ó.

---

Ìyàwó Kúbwà:

Hmm. Ìyá ìyá mi ní Ìsẹ́yìn, ahunṣọ ni wọ́n. Àwọn ló hun díẹ̀ nínú òfì tí èmi àti ọkọ mi máa wọ̀, ojú wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ríran dáadáa mọ́ ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn fúnra àwọn ló máa hun ún. Mo ní àjákù ẹ̀ méjì nílé níbí, ìkan wáìnì, ìkan krímù, ìbú ẹ̀ ò ju íǹsì mẹ́rin lọ. Ṣé irú ẹ̀?

---

Bọ̀dá Dísáínà:

O ní nǹkan yìí nílé o wá lọ ń pe ẹyẹlé! Òun náà nìyẹn. Aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ méjì, tọkọtìyàwó ni. Mo ti dán an wò báyìí, mo ní kó so méjèèjì ní kókó kan. Mo gbé e wò dáadáa: ẹnu aṣọ márùn-ún! Aṣọ méjì, ẹnu mẹ́rin ló yẹ kó ní. Ìkan wọlé sínú kókó kò jáde, méjì mìíràn ṣẹ̀ jáde láti ibi tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Ẹ máa ka ẹnu aṣọ, ẹ máa ka ìka ọwọ́, ẹ máa ka okùn gángan, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ yìí ti máa ń tú àṣírí ara ẹ̀. Àwọn èèyàn yín ní Ìsẹ́yìn máa rí i kí wọ́n tó rí orúkọ ẹ.

Mo yọ kókó, mo ní kí ìkan kàn dábùú èkejì lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ wò ó:

```
Two narrow strips of handwoven cloth, one wine red, one cream,
crossing once near the bottom of a plain off-white page.
Thin lengthwise stripes in the weave. Soft watercolor.
The upper two thirds of the page is empty paper.
```

Ẹ rí i pé mi ò kọ "wedding" sí i níbì kankan. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń lọ pe rósì. Orúkọ yín tó máa wà lókè ni yóò sọ fáwọn èèyàn pé ìdána ni.

---

Màmá Ìbejì:

Ẹ̀yin ọmọ yìí, mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ látòkè. Ègé aṣọ méjì lórí ìwé, ṣé áífíì nìyẹn àbí sáńpù tẹ́lọ̀? Áífíì táwa mọ̀, ojú ìyàwó àti ọkọ máa wà níbẹ̀. Èmi ṣì ní tàwọn ọmọ mi nínú àpótí, mo ń wo ojú wọn. Ta ni máa tọ́jú aṣọ?

---

Bọ̀dá Dísáínà:

Ẹ kú ilé mà. Ọ̀rọ̀ yín ò já sásán. Ohun tó dé tí mi ò fi fẹ́ ojú ni pé ojú tí ẹ̀rọ máa yà kì í ṣe ojú ọmọ yín, ojú ẹlòmíì ni. Tí wọ́n bá fẹ́ ojú, kí wọ́n fi fọ́tò wọn gan-an sí abala inú.

---

Màmá Ìbejì:

Abala inú ni wọ́n máa fi ìyàwó pamọ́ sí. Ó dáa náà.

---

Atẹ̀wé Ùtàkò:

Ẹ jẹ́ kí èmi tí mo ń tẹ̀ ẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n Dísáínà, aṣọ krímù lórí ìwé tó jẹ́ pé krímù díẹ̀ ló jẹ́ òun náà? Tó bá jáde nínú ẹ̀rọ mi ẹ ò ní rí i, aṣọ kan ṣoṣo lẹ máa rí, ìkan á ti bá ìwé lọ. Irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí lórí káàdì irínwó, oníbàárà ní èmi ni mo jẹ́ kó parẹ́, bẹ́ẹ̀ lórí fóònù ẹ̀ ló ti ń dán.

Wúrà tí ìyàwó wa kọ síbẹ̀ náà. Wúrà tó wà nínú àwòrán, íńkì mẹ́rin la fi ń tẹ̀ ẹ́, àwọ̀ músítáàdì ló máa jáde. Ẹni tó bá fẹ́ wúrà tó ń kọ mànà, fóìlì ni, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni, owó ọ̀tọ̀ sì ni.

---

Bọ̀dá Dísáínà:

Ojú mi ò ríbẹ̀ rárá, o ṣeun. Mo ti tún un ṣe: ìwé di funfun, mo fún aṣọ krímù ní ìlà wáìnì létí méjèèjì kí etí ẹ̀ lè hàn. Ó tún so méjèèjì pọ̀ lọ́nà kan tí mi ò rò tẹ́lẹ̀, torí ọkọ ti mú àwọ̀ ìyàwó dání.

```
Two narrow strips of handwoven cloth crossing once near the
bottom of a plain white page. One is wine red. The other is
cream with a thin wine stripe along each edge. Soft watercolor.
The upper two thirds of the page is empty paper.
```

Tó bá jẹ́ Midjourney, fi `--ar 5:7` sí ìparí kó lè bá káàdì mu láti ìbẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ òmíì, wá ibi tí wọ́n ti ń yan ìwọ̀n kó o tó tẹ̀ ẹ́. Àwọn tó ń ya onígun mẹ́rin tó dọ́gba, tí wọ́n sì wá ń gé e, ni aṣọ ń gé mọ́ lẹ́nu.

---

Ìyàwó Kúbwà:

Bọ̀dá!!! Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni mo mú. Mo ka ẹnu ẹ̀, mẹ́rin ni. Ẹlẹ́ẹ̀kejì fi òdòdó kan sí kọ̀rọ̀, mi ò mọ ẹni tó pè é. Mo rán èyí tí mo mú sí ìyá mi, wọ́n ní "aṣọ Màmá nìyí," wọn ò tún sọ nǹkan míì. Ṣé kí n wá ní kó bá mi kọ orúkọ wa sókè báyìí?

---

Bọ̀dá Dísáínà:

Rárá o! Má fún un ní orúkọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ yìí kì í kọ lẹ́tà wa dáadáa, ńṣe ni wọ́n máa ń ya ohun tó jọ lẹ́tà. Àmì ohùn tó yẹ kó wà lókè á bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, àmì abẹ́ ọ̀ á sá lọ. Mo ti rí èyí tó yẹ kó jẹ́ "ìyàwó àti ọkọ" tó di "ìyàwó àti ọkọ̀", àfi bíi pé mọ́tò ló ń fẹ́.

Gbé àwòrán náà sínú Canva tàbí CorelDraw, ibẹ̀ ni kó o ti tẹ orúkọ. Kó o tó yan fọ́ǹtì, kọ ẹ́, ọ̀ àti ṣ lẹ́ẹ̀kan wò. Àwọn fọ́ǹtì oníṣọ̀ọ́ṣọ̀ọ́ tó ń lọ́ kiri yẹn, púpọ̀ nínú wọn ò ní lẹ́tà wọ̀nyí, wàá rí àpótí òfìfo tàbí kí lẹ́tà ọ̀hún kàn yàtọ̀ gedegbe sí àwọn yòókù. Gentium ní gbogbo ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, ó sì rẹwà. Charis náà dáa, ṣùgbọ́n ó ki jù fún irú èyí lójú tèmi.

---

Sọ̀rọ̀sókè Nyanya:

Ẹ̀rọ tí èmi ń lò kọ orúkọ àbísọ mi dáadáa o.

---

Bọ̀dá Dísáínà:

Orúkọ ẹ ní àmì lábẹ́?

---

Sọ̀rọ̀sókè Nyanya:

Kò ní 😅. Ṣùgbọ́n mo ṣì rò pé gángan kékeré kan ní kọ̀rọ̀ ò ní ba nǹkan jẹ́. Ìdána láìsí ìlù?

---

Ọmọ Kàdúná:

Bẹ́ẹ̀ náà ló bẹ̀rẹ̀. Gángan kékeré kan, lẹ́yìn náà ẹni tó ń lù ú, lẹ́yìn náà ẹni tó ń ná an lówó.

---

Bọ̀dá Dísáínà:

Sọ̀rọ̀sókè, tó bá wù ẹ́, yọ aṣọ kó o fi gángan sí i. Ó lè dáa jù gan-an. Méjèèjì pọ̀ ni mi ò fẹ́. Ohun tí mo máa ń ṣe ni kí n sọ àwòrán di kékeré lórí fóònù títí á fi tó èékánná àtàǹpàkò, torí ọ̀pọ̀ èèyàn orí Wásáàpù ni wọ́n ti máa kọ́kọ́ rí i. Mo máa gbé e fún ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀, mo máa bi í pé kí ló rí. Tó bá ní "aṣọ òkè", ó tán. Tó bá ní "aṣọ... pẹ̀lú kiní kan níbí", mo máa lọ yọ kiní yẹn.

---

Atẹ̀wé Ùtàkò:

Ìyàwó wa, káàdì íǹsì márùn-ún sí méje, mo fẹ́ kí àwòrán náà tó píkísẹ́lì 1500 sí 2100 kó tó lè mọ́. Tí tiyín bá kéré, àwọn ètò tó ń fẹ̀ ẹ́ wà, irú àwòrán búrọ́ọ̀ṣì báyìí sì máa ń gbà á dáadáa torí etí ẹ̀ rọ̀. Tí aṣọ bá dé etí ìwé, ẹ jẹ́ kó kọjá ẹ̀ ní mìlímítà mẹ́ta yíká, ibẹ̀ ni ọ̀bẹ máa gbà. Ẹ fi ránṣẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì o, ẹ má fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò lórí Wásáàpù, ó máa ń fún un pọ̀.

Kí ẹ sì mú ègé aṣọ wáìnì yẹn dání. Mi ò gba wáìnì orí fóònù gbọ́. Ìkan ṣoṣo ni màá kọ́kọ́ tẹ̀, a máa gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ níta gbangba nínú oòrùn.

---

Ìyàwó Kúbwà:

Sátidé ni mo ń bọ̀. Ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àwòrán náà, ó ní ó dáa, ó wá ń béèrè pé nínú aṣọ méjèèjì, èwo ni òun, torí ìkan ló wà lókè.

---

Màmá Ìbejì:

Má dá a lóhùn o.